Ọdún Tí Ọwọ́ Kò Kan Etí

Bí a bá gba ohun tí káàdì ìdánimọ̀ náà sọ gbọ́, ọmọ ọdún mẹ́fà ni Ìyá Télọ̀ nígbà tí ó bí ọmọ rẹ̀ bíríkìlà. Káàdì ní ìyá jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ìwé ìbí tí ilé ìwòsàn fún ọmọ ní ọmọ ti pé méjìléláàádọ́ta. Ìwé méjèèjì ló ní òǹtẹ̀ ìjọba. Ìwé méjèèjì sì wà lórí tábìlì kan náà ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, níwájú ọmọbìnrin akọ̀wé kan tí kò tíì pé ọdún kan tí ó ti jáde ní yunifásítì.

Akọ̀wé gbé káàdì náà sókè, ó tún gbé e kalẹ̀.

"Màmá, ta ló kọ eléyìí fún yín?"

"Ọmọkùnrin kan tó jókòó sídìí ẹ̀rọ káàdì ni," ni Ìyá Télọ̀ dáhùn. "Ó ní kí n sọ ọjọ́ ìbí mi. Mo ní ta ni kí n bi léèrè? Ó wo irun mi, ó rí i pé kò hu ewú. Ó ní, 'Màmá, ẹ̀yin náà ò kúkú tíì dàgbà.' Mo bú sẹ́rìn-ín. Ta ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dùn mọ́? Àṣé ó ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ."

"Ẹ gbọ́ nǹkan!" Bíríkìlà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, sìmẹ́ǹtì gbígbẹ wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. "Ilé tí mo bá kọ́, mo mọ ọjọ́ tí mo fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ìyá tó bí mi ni n ò mọ ọjọ́ orí rẹ̀."

Ohun tí wọ́n bá wá kò gùn láti sọ. Àwọn oníṣègùn ojú ti dé sí gbọ̀ngàn tó kọjú sí ọ́fíìsì náà láti ọ̀sẹ̀ méjì. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń ṣe fún àwọn arúgbó tí ohun funfun ti bo ẹyinjú wọn. Ẹni tó bá ti pé àádọ́rin ọdún nìkan ni wọ́n ń gbà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọn yóò ti ìwé orúkọ pa, wọn kò sì ní padà wá títí ọdún méjì. Ojú ọ̀tún Ìyá Télọ̀ ti ṣú tán. Ti òsì dà bí dígí tí èémí bò: ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí òjìji, ṣùgbọ́n ìró ẹsẹ̀ ni ó fi ń dá ènìyàn mọ̀. Obìnrin tó rán aṣọ fún bí ọgọ́ta ọdún kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́ láti bí ọdún mẹ́ta. Wọ́n ti kọ́kọ́ lé e padà ní gbọ̀ngàn nítorí káàdì náà. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló ní kí wọ́n lọ sí yàrá ìṣirò ọjọ́ orí, pé bí ibẹ̀ bá fún wọn ní ìwé, ìwé náà yóò borí káàdì.

Yàrá ìṣirò ọjọ́ orí kò ju tábìlì méjì, àga mẹ́rin àti fáànù kan tó ń ké bí ẹyẹ. Ògiri rẹ̀ ni ìṣúra rẹ̀. Bébà ńlá kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà lórí ìlà: ohun tó ṣẹlẹ̀, ọdún tó ṣẹlẹ̀, iye ọdún tó ti kọjá. Ọdún omíyalé. Ọdún eéṣú. Ọdún tí owó onírin yí padà. Ọdún tí wọ́n ṣí ilé ìwé etí odò. Ọ̀gá ọ́fíìsì náà ló fi ọdún mẹ́rìndínlógún kó o jọ, láti inú ìwé ìròyìn tó ti pọ́n, láti inú ìwé ilé ẹjọ́ àti ìwé àwọn tó ń wọn gíga odò. Nítorí náà ni gbogbo ènìyàn ṣe ń pè é ní Bàbá Kàlẹ́ńdà, títí kan ìyàwó rẹ̀.

Òfin rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Arúgbó ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kì í ṣe akọ̀wé. Lẹ́yìn náà ni a óò bi í bí ó ṣe tó nígbà náà: ṣé ẹ̀yìn ni wọ́n pọ̀n ọ́n sí, ṣé eyín rẹ̀ ti ń yọ, ṣé ó ti ń pọn omi, ṣé ó ti wọlé ọkọ. Ohun mẹ́ta tó fi ojú ara rẹ̀ rí ni a nílò, kì í ṣe èyí tí wọ́n sọ fún un. Ní ìparí, akọ̀wé yóò bi í ní ohun kan tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ìyẹn ni Bàbá Kàlẹ́ńdà ń pè ní ìbéèrè òfìfo. Ẹni tó bá rántí ohun tí kò ṣẹlẹ̀, a kò lè gbára lé ohun tó rántí nípa èyí tó ṣẹlẹ̀.

Akọ̀wé mọ òfin yìí lórí bí orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ yẹn, ohun tó wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe òfin. Ọmọkùnrin ìdí ẹ̀rọ nì ni ó ń rí, tó wo irun tó kọ ọdún, tó sì sọ obìnrin kan di ìyá ọlọ́mọ ní ọmọ ọdún mẹ́fà láìbìkítà. Ìwà ọ̀lẹ tó wọ aṣọ ìjọba ni ó kórìíra jù lọ láyé. Ó fa fọ́ọ̀mù jáde, ó wo aago. Ó ti lé ní mẹ́wàá.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣe é kíákíá. Ẹ sọ ohun kan tí ẹ rántí láti kékeré yín."

"Láti kékeré mi?" Ìyá Télọ̀ dákẹ́. Ó fi ọwọ́ pa etí aṣọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ìránpọ̀. "Kékeré mi... Ilé wa wà ní ẹ̀bá..."

Ó tún dákẹ́. Fáànù ń ké. Akọ̀wé ka ìṣẹ́jú kan, ó di méjì, àyà rẹ̀ kò gbà á mọ́.

"Ẹ̀bá odò ni, àbí? Ṣé ẹ rántí omíyalé tó gbé afárá onígi lọ?"

Bíríkìlà fi ìgúnpá tọ́ ìyá rẹ̀ díẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ìyá Télọ̀ wí. "Mo rántí."

"Ẹ ti tó bí ọmọ ọdún méje nígbà náà? Eyín iwájú ti ń yọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti ń yọ."

Ọdún omíyalé ti pé márùndínláàádọ́rin. Akọ̀wé kọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá gágá. Ó bi í nípa eéṣú: bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi í nípa owó onírin: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi wà lórí ìwé, iye ọdún tí wọ́n sì gbé jáde ju àádọ́rin lọ. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ku òfìfo.

"Màmá, ṣé ẹ rántí ọdún tí iná jó ilé ẹjọ́ ńlá?"

"Há, mo rántí!" Ìyá Télọ̀ mi orí. "Eéfín gba gbogbo ìlú. A ń wúkọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú."

Kálàmù akọ̀wé dúró lórí bébà. Iná kò jó ilé ẹjọ́ náà rí. Ó wà lójú fèrèsé, ènìyàn lè wò ó láti orí àga tí Ìyá Télọ̀ jókòó lé, òrùlé rẹ̀ àtijọ́ pé pérépéré.

Bàbá Kàlẹ́ńdà ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí a kò mọ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ kọ́rùn. Ó wá mú fọ́ọ̀mù náà, ó kà á lórí ìdúró. Àyè kan wà lórí rẹ̀ tí ó béèrè pé: ta ló kọ́kọ́ dárúkọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà? Ìgbà mẹ́ta ni akọ̀wé fo àyè náà.

"Ta ni?" ni ọ̀gá bi í.

"Ọ̀gá, èmi ni, sà."

Ó fa ìlà gbọọrọ lórí fọ́ọ̀mù náà láti igun dé igun. Kò pariwo. Ìlà náà ló pariwo.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́!" Akọ̀wé dìde. "Gbogbo wa la mọ̀ pé màmá yìí ti kọjá àádọ́rin. Ẹ wo ọwọ́ wọn. Ẹ wo ọmọ wọn! Ẹ jẹ́ ká kọ òótọ́ tí gbogbo wa mọ̀, kí wọ́n tó pàdánù ojú."

"Kí lo fi mọ̀?"

"Ojú mi rí i, sà."

"Ẹni tó kọ méjìdínlọ́gọ́ta náà, ojú ló fi rí i."

Ọ̀rọ̀ náà gbá akọ̀wé létí. Inú bí i sí ọ̀gá, ó sì bí i jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé kò rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ọmọ wọn ńkọ́, sà? Ìwé ìbí rẹ̀ kò parọ́."

"Kò parọ́. Ó sọ pé ìyá rẹ̀ kò kéré ju báyìí lọ. Obìnrin lè bímọ ní mẹ́rìnlá. Ó lè bí i ní ogójì. Fi mẹ́rìnlá lé méjìléláàádọ́ta. Mélòó?"

"Mẹ́rìndínláàádọ́rin, sà."

"Ìyẹn ni ìpìlẹ̀ tí ọmọ lè fún wa. Àwọn oníṣègùn ń béèrè àádọ́rin. Ọdún mẹ́rin ló kù, a kò sì lè fi ìbínú dí i."

Bíríkìlà rọ lórí àga bí ẹni tí ilé wó lé lórí. "Ọ̀gá, èmi ni kí ẹ bá wí. Èmi ni mo sọ fún màmá ní ọ̀nà pé ohunkóhun tí wọ́n bá bi wọ́n, kí wọ́n ṣáà máa ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ kọ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ìgbà wo ni mo gba ọ̀rọ̀ rẹ rí? Ọmọ yìí ló ń kánjú nítorí mi. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ á sì fúyẹ́. Mo ní, ṣé kí n wá ba ọmọ ọlọ́mọ nínú jẹ́ ni?"

Akọ̀wé jókòó. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ti rò pé òun ń fa òótọ́ yọ lẹ́nu àgbà; àṣé àgbà ló ń tu òun nínú. Bí a bá sì ń wá òótọ́ tí a ń fi ìka tọ́ka ọ̀nà fún un, ibi tí ìka wa kọjú sí ni a óò bá a, yálà ó wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

"A lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan péré," ni Bàbá Kàlẹ́ńdà wí. "Ẹlòmíì ni yóò béèrè. Omíyalé, eéṣú àti owó onírin ti kú sí wa lọ́wọ́. A kò lè lò wọ́n fún màmá mọ́. Fọ́ọ̀mù tó bàjẹ́ yóò bá tuntun rìn, kí ẹni tó bá gbà á lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi yóò béèrè. Ìwọ, kọ ọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ ẹnu rẹ."

Ó fa àga sún mọ́ Ìyá Télọ̀, ó sì ṣe ohun tó mú kí akọ̀wé fẹ́rẹ̀ẹ́ ké: ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ nípa bọ́tìnì. Ó fi etí ẹ̀wù ara rẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó ní bọ́tìnì kan ń já ní gbogbo ìgbà. Ìyá Télọ̀ fi ìka wá a kàn, ó sì pòṣé.

"Ta ló rán eléyìí? Ẹni náà ò fi nǹkan sábẹ́ rẹ̀. Aṣọ fẹ́lẹ́ báyìí, ẹ máa ń fi ègé kékeré sí i lẹ́yìn ni."

"Ta ló kọ́ yín?"

"Ìyá mi àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ọwọ́ wọn le ju irin lọ. Bí ìránpọ̀ bá wọ́, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀, wọ́n á ní kí n tún un ṣe."

Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí ìyá àgbà náà títí aago fi lé ní mọ́kànlá. Wọ́n sọ ti àwọn oníbàárà tí kì í wá gba aṣọ. Wọ́n sọ ti ológbò kan tó bímọ sínú àpótí òwú. Akọ̀wé ń kọ, ó ń fi eyín tẹ ètè. Lẹ́ẹ̀mejì ni Ìyá Télọ̀ dákẹ́ pátápátá, lẹ́ẹ̀mejì ni ọ̀gá náà sì dákẹ́ tì í, tí ó ká ọwọ́ lé itan bí ẹni tó ń retí òjò tó mọ̀ pé yóò rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ kejì yìí gùn tó bẹ́ẹ̀ tí bíríkìlà fi jáde lọ mu omi.

Nígbà náà ni Ìyá Télọ̀ sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́.

"Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ìyá àgbà tó sunkún ni ọjọ́ tí olórí ìjọba kú. Olórí àkọ́kọ́ yẹn. Wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn so aṣọ dúdú mọ́ apá. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, dúdú, dúdú. A ò sùn bó ṣe yẹ."

"Kí ni iṣẹ́ tiyín nínú rẹ̀?"

"Iṣẹ́ wo? Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ mi ò kan pẹ́dà. Mo máa ń yọ̀ wálẹ̀ lórí àga kí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi lè kàn án, wọ́n á sì gbá mi lórí. Ilẹ̀ ni mo máa ń wà, tí mò ń ṣa abẹ́rẹ́. Òwú ni mò ń já. Mo ti mọ òwú í já dáadáa."

"Eyín ńkọ́?"

"Eyín gan-an ni mo fi ń já a. Tuntun iwájú méjèèjì ti hù, ńlá ńlá báyìí, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Ọ̀gá wo akọ̀wé. Akọ̀wé kọ ọ́: ikú olórí ìjọba, ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta sẹ́yìn, arúgbó ló dárúkọ rẹ̀, eyín iwájú tuntun ti hù, ẹsẹ̀ kò tíì kan pẹ́dà, ọmọ ọdún méje sí mẹ́sàn-án. Ó ṣírò rẹ̀ ní etí bébà: mọ́kànléláàádọ́rin sí mẹ́tàléláàádọ́rin. Ó pa ẹnu mọ́.

"Kí ló dé tí wọ́n fi mú yín lọ síbi iṣẹ́ ní kékeré bẹ́ẹ̀?" ni ọ̀gá bi í. "Ẹ ò lọ ilé ìwé?"

"Ẹ fi ilé ìwé yẹn sílẹ̀ jàre." Ojú Ìyá Télọ̀ korò, bí ẹni pé àná ni. "Mo lọ! Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi la jọ lọ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, èyí tó wà ní etí odò. Ọ̀dà ara ògiri ò tíì gbẹ. Tíṣà ní ká fi ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá ká fi kan etí òsì. Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kàn án. Tèmi kù díẹ̀, bí ìbú ìka kan. Mo fa orí mi, mo tẹ ọrùn mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́. Tíṣà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ẹ̀yin ni ẹ rántí ọ̀dà yẹn, àbí wọ́n sọ ọ́ fún yín ni?"

"Ta ni ìbá sọ fún mi? Mo fara ti ògiri, ó lẹ̀ mọ́ aṣọ mi. Ìyá mi nà mí nà mí, bí ẹni pé èmi ni mo kùn ún."

Bíríkìlà ti padà wọlé. Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó fi ọwọ́ bò ó.

"Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ńkọ́?"

"Ó kàn án. Ó kàn án dáadáa, ó tilẹ̀ kọjá etí. Ṣùgbọ́n bàbá mi ní kò sí ilé ìwé mọ́, pé ọmọkùnrin ni yóò lọ. Bí mo ṣe dé ilé ìyá àgbà nìyẹn." Ó na ìka kan sókè. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi padà di tíṣà. Ọwọ́ tó fi gùn jù mí lọ kò ju ìbú ìka kan lọ."

Akọ̀wé gbé kálàmù dúró. Ìbínú tó mú wá ní àárọ̀ tún dìde nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tí yóò dà á lé lórí: bàbá ti kú, tíṣà ti kú, ọwọ́ náà sì ti ṣe ọgọ́ta ọdún iṣẹ́. Ó kọ ohun tó yẹ: ìṣílé ilé ìwé etí odò, ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin sẹ́yìn, ọwọ́ kò kan etí lọ́dún náà, ó kàn án lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà. Méjìléláàádọ́rin sí mẹ́tàléláàádọ́rin.

Ó ku ọ̀kan. Aago méjì ti lù. Bàbá Kàlẹ́ńdà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ìbéèrè kan kù tí kò yẹ kí ọkùnrin bi màmá," ni ó wí. Ó yíjú sí bíríkìlà. "Ẹ jẹ́ ká jọ bọ́ síta." Lẹ́yìn náà ó wo akọ̀wé. "Ìwọ ni kí o bi í. Ìbéèrè kan péré."

Ilẹ̀kùn pa dé. Lórí ògiri, lẹ́yìn Ìyá Télọ̀, bébà ńlá náà na gbogbo ọdún rẹ̀ sí akọ̀wé lójú, ó sì wù ú kí ó mú ọ̀kan nínú wọn. Ó mú ojú kúrò lára rẹ̀. Ó gbé àga rẹ̀ wá síbi tí ọ̀gá ti dìde.

"Màmá, nígbà tí ẹ di ọmọge, tí ẹ kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù yín, kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú nígbà náà?"

Ó sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà le ju ìdánwò èyíkéyìí tó ṣe ní yunifásítì lọ. Ó gbọ́ fáànù. Ó gbọ́ ẹnìkan tó ń fa àga ní yàrá kejì. Ìyá Télọ̀ ń pa etí aṣọ rẹ̀, síwájú, sẹ́yìn.

"Kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀," ni ó wí.

Akọ̀wé kọ ọ́: kò sí. Ṣùgbọ́n kò dìde, kò sì wo ògiri.

"Àfi ti títì," ni Ìyá Télọ̀ wí lẹ́yìn ìgbà pípẹ́. "Títì ni mo wà. Mo dúró, mi ò lè kọjá, nítorí wọ́n ti yí ọkọ̀ padà lọ́sẹ̀ yẹn. Gbogbo ọkọ̀ tó ń gba apá òsì tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún. Ọlọ́pàá ń fọn fèrè kiri. Mo wo ibi tí kò yẹ kí n wò, ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi, mo sì rò pé ó ti gbá mi lóòótọ́, nítorí mo rí ẹ̀jẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọmọbìnrin kékeré. "Mo sá délé, mo ń ké pé mo ti fara pa. Ìyá àgbà wò mí, wọ́n ní, 'Ọkọ̀ kọ́ ló gbá ọ.'"

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọdún tí ọkọ̀ yí ọ̀nà padà ti pé mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nǹkan oṣù, mẹ́tàlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Méjìléláàádọ́rin sí mẹ́rìnléláàádọ́rin.

Nígbà tí àwọn ọkùnrin wọlé, Bàbá Kàlẹ́ńdà kò bi akọ̀wé ní ohun tó gbọ́. Ó kọ́kọ́ bi Ìyá Télọ̀ ní òfìfo, òmíràn tí akọ̀wé kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Màmá, ọdún tí ọkọ̀ ojú irin ṣubú sínú odò ńkọ́?"

Bíríkìlà di orí ara rẹ̀ mú.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?" ni Ìyá Télọ̀ dáhùn. "Irọ́ ni. Etí odò yẹn ni mo gbé dàgbà. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ṣubú sínú rẹ̀, ṣé èmi ò ní gbọ́? Bàbá, ẹ máa ṣọ́ àwọn tó ń bá yín sọ̀rọ̀ o."

Nígbà náà ni ọ̀gá tó wo àwọn òǹkà mẹ́ta náà. Ó fi ìka gba orí wọn lọ, ó wá ibi tí wọ́n ti pàdé. Ti olórí ìjọba kò kọjá mẹ́tàléláàádọ́rin. Ti ilé ìwé àti ti títì kò sì bẹ̀rẹ̀ kó tó di méjìléláàádọ́rin. Méjìléláàádọ́rin sí mẹ́tàléláàádọ́rin ni wọ́n ti pàdé.

"Bí ó bá jẹ́ méjì," ni ó wí, "èyí tó kéré ni a máa ń kọ. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kí ó wá jiyàn pẹ̀lú èyí tó kéré." Ó kọ méjìléláàádọ́rin. Kò tẹ òǹtẹ̀. Ó ti fọ́ọ̀mù àárọ̀, èyí tó ní ìlà gbọọrọ, síwájú akọ̀wé. "Ìdí tó fi bàjẹ́."

Àyè kékeré wà nísàlẹ̀ fún un. Akọ̀wé mọ̀ pé fọ́ọ̀mù náà yóò wọ fáìlì òun, pé àwọn tí yóò pinnu bóyá òun yóò di òṣìṣẹ́ gidi ní òpin ọdún yóò kà á. Ó lè kọ pé arúgbó kò ní ìrántí tó dájú. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ bẹ́ẹ̀.

Ó kọ pé: *Èmi ni mo kọ́kọ́ dárúkọ àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, tí mo sì fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti arúgbó.* Ó fọwọ́ sí i. Òǹtẹ̀ ọ̀gá dún gbì lórí fọ́ọ̀mù tuntun.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá nígbà tí wọ́n kọjá títì, bíríkìlà lápá kan, akọ̀wé lápá kejì, Ìyá Télọ̀ láàárín. Nọ́ọ̀sì ẹnu ọ̀nà gba ìwé méjèèjì. Ó ka tuntun, ó wo Ìyá Télọ̀. Ó ka èyí tó bàjẹ́, ó wo akọ̀wé pẹ́.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ ara yín kọ eléyìí?"

"Èmi ni."

"Hùn." Nọ́ọ̀sì fi pín-ìn-nì so ìwé méjèèjì pọ̀. "Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń gba ìwé nílé yìí. Gbogbo rẹ̀ ló mọ́ tónítóní. Èyí nìkan ni mo gbàgbọ́ láìbéèrè." Ó ṣí ìwé orúkọ, ó kọ Ìyá Télọ̀ sí ìlà kan ṣoṣo tó kù nísàlẹ̀ ojú ewé. Ó gé pílásítà kékeré, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí rẹ̀ lápá ọ̀tún, kí àwọn oníṣègùn lè mọ ojú tí wọn yóò kọ́kọ́ ṣe ní ọjọ́ Ajé.

"Ẹ dúró ná," ni Ìyá Télọ̀ wí. "Mélòó lẹ ní mo jẹ́?"

"Méjìléláàádọ́rin, màmá."

"Méjìléláàádọ́rin!" Ó ṣí ẹnu. Akọ̀wé rò pé ọ̀rọ̀ náà ti dùn ún. "Ìyẹn ni pé Ìyá Oníbúrẹ́dì, tó ń gbé òdìkejì wa, tó pé àádọ́rin lọ́dún tó kọjá, tí ọmọ rẹ̀ sì se kéèkì fún un, tí mo ń kí ní 'Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi' láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún mi ní káàdì yẹn..."

"Màmá," ni bíríkìlà wí, "ẹ jọ̀ọ́."

"Tó ń rán mi níṣẹ́! Tó ń ní, 'Àbúrò, bá mi gbé àga yẹn wá'! Àbúrò mi ni!" Ó na ọwọ́ sí ohùn akọ̀wé. "Ọmọ mi, ìwé yẹn, ṣé wọ́n á fún mi ní ẹ̀dà rẹ̀?"

"Wọ́n á fún yín, màmá."

"Ẹ fún mi ní méjì."

Nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín, ó lọ wá bébà. Ìyá Télọ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń to àwọn ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún Ìyá Oníbúrẹ́dì ní àárọ̀ ọjọ́ tí ojú òun bá là, ó sì ń sọ wọ́n sókè kí gbogbo gbọ̀ngàn lè gbọ́.